Orúkọ Wà Lórí Àga, Ẹni Tó Ni Ín Kò Tíì Dé

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ẹni tó ń ta aṣọ náà pè mí. Ó ní, “Ẹ kúuṣẹ́ o. Àwọn oníbàárà mi ń tẹ iye yáàdì tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n owó ò jáde mọ́.” Ojú-ewé kékeré kan ni mo kọ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ yóò tẹ iye yáàdì, yóò tẹ bọ́tìnnì, ojú-ewé náà yóò sì sọ iye tí yóò san fún un. Náírà 2,500 ni yáàdì kan. Bí ojú-ewé náà bá sì ṣe ń ṣí báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ gbé iye owó yáàdì 6 jáde, torí òun ni àwọn ènìyàn máa ń rà jù. Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan láìsí wàhálà.

Mo bi àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bóyá ó fọwọ́ kan kóòdù náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan ìṣirò yẹn rárá. Bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ńṣọ̀n láyé ìsinsìnyí ni mo ṣe tún un kọ.” Òótọ́ ló sọ. Mo wo ìṣirò náà lókè lódò, n kò rí àléébù kan lára rẹ̀. 2,500 ṣì ni, ìsọdipúpọ̀ náà ṣì ni. Ohun tó yí padà kò ju ọ̀nà tí a gbà fún fọ́ńṣọ̀n náà lórúkọ lọ. Ìyẹn nìkan ló sì pa gbogbo ojú-ewé náà lẹ́nu mọ́.

Èdè JavaScript ni a fi kọ ọ́, èdè tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo búráúsà tí ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù yín. Fọ́ńṣọ̀n nínú èdè yìí ni àkójọ ìtọ́ni tí a fún lórúkọ kan, tí kì í ṣe ohunkóhun títí a ó fi pe orúkọ náà. Ẹ wo bí kóòdù wa ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mo ti gé e kúrú kó lè rọrùn láti kà, `console.log` sì ni mo lò dípò ojú-ewé, torí òun ló ń jẹ́ kí a rí èsì:

```
console.log(siroOwo(6));

function siroOwo(yaadi) {
  return yaadi * 2500;
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń pe `siroOwo`, ìlà kẹta ni a sì tó sọ ohun tí `siroOwo` jẹ́. Ẹni tó bá kà á láti òkè wá sílẹ̀ yóò rò pé kò lè ṣiṣẹ́, pé báwo lènìyàn ṣe máa pe ẹni tí kò tíì bí? Síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́, 15000 ló ń gbé jáde. Nígbà tí àbúrò mi tún un kọ, ó di báyìí:

```
console.log(siroOwo(6));

const siroOwo = function (yaadi) {
  return yaadi * 2500;
};
```

Èsì tó jáde ni `ReferenceError: Cannot access 'siroOwo' before initialization`. Ohun tó ń sọ ni pé a kò lè fọwọ́ kan `siroOwo` kí a tó fi nǹkan sínú rẹ̀. Bí irú àṣìṣe báyìí bá sì ti ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò múra sílẹ̀ dè é, ibẹ̀ ni kóòdù tó wà nínú fáìlì náà dúró sí. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ tó yẹ kó so bọ́tìnnì mọ́ ìṣirò kò tilẹ̀ kàn. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi ń tẹ bọ́tìnnì tí kò sì sí ohun tó ń dá a lóhùn.

Mo fẹ́ kí a dá orúkọ àwọn méjèèjì mọ̀. Èyí àkọ́kọ́, tí ọ̀rọ̀ `function` bẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀ tí orúkọ sì tẹ̀ lé e, ni mo ń pè ní fọ́ńṣọ̀n ìkéde. Èyí kejì, tí a ṣe fọ́ńṣọ̀n náà gẹ́gẹ́ bí ohun kan, tí a wá fi àmì `=` gbé e sábẹ́ orúkọ, ni mo ń pè ní fọ́ńṣọ̀n àfisórúkọ. Èyí tí wọ́n ń fi ọfà `=>` kọ, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ báyìí, fọ́ńṣọ̀n àfisórúkọ ni òun náà tí a bá ti fi `=` gbé e fún orúkọ. Bí a bá ti pè wọ́n lásìkò tó tọ́, èsì kan náà ni wọn yóò mú wá fún wa. Ìgbà tí wọ́n ń di ohun tó ṣeé pè ni kò dọ́gba.

Láti mọ ìdí rẹ̀, a ní láti mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì JavaScript máa ń ṣe kó tó ṣiṣẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Kì í kàn fò mọ́ ìlà kìíní. Ó máa ń kọ́kọ́ ka gbogbo kóòdù náà tán, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè mọ gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ rò ó bí ibi ìdána tí wọ́n ti to àga sílẹ̀. Kí alága ìdúró tó gbé gbohùngbohùn, àwọn kan ti yí gbogbo gbọ̀ngàn ká, wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ àga kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe nìyẹn. Ó ń pèsè àga fún gbogbo orúkọ kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àga ni ó ń pèsè bákan náà. Tó bá rí fọ́ńṣọ̀n ìkéde, ó máa ń lẹ orúkọ mọ́ àga, ó sì máa ń gbé fọ́ńṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ jókòó sórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ìlà àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, ẹni náà ti wà níjòókòó. Bí ìpè bá wá láti òkè, yóò dáhùn. Tó bá rí orúkọ tí a fi `const` tàbí `let` kọ, ó máa ń lẹ orúkọ náà mọ́ àga, ṣùgbọ́n ó máa ń da aṣọ bò ó pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Aṣọ náà kì í ká kúrò títí ìgbà tí iṣẹ́ bá dé orí ìlà tí àmì `=` wà. Ẹni tó bá pè é ṣáájú ìgbà náà, àṣìṣe tí a rí lókè yìí ni yóò gbà.

Ọ̀nà kẹta ṣì wà tó ti pẹ́, èyí tí a ń fi `var` kọ. Ó máa ń lẹ orúkọ mọ́ àga, kì í da aṣọ bò ó, kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni jókòó. Àga òfìfo ni. Òfìfo yìí ni JavaScript ń pè ní `undefined`. Tí a bá fi `var` dípò `const` nínú kóòdù kejì yẹn, ọ̀rọ̀ àṣìṣe yóò yí padà di `TypeError: siroOwo is not a function`. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé òun kò mọ orúkọ náà. Ó mọ̀ ọ́n, ó rí àga rẹ̀, ó sì rí i pé ohun tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n.

Ìgbésókè ni àwọn tó ń kọ kóòdù ń pe gbogbo ètò yìí, bí ẹni pé ẹnì kan ń gbé ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Kò sí ìlà kan tó kúrò níbi tí ẹ kọ ọ́ sí. Ìpèsè ló ṣáájú iṣẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rò pé ìlà ń rìn kò ní mọ ìdí tí orúkọ fi wà ní ìpèsè nígbà tí ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì dé.

Brendan Eich ló ṣẹ̀dá èdè yìí ní iléeṣẹ́ Netscape ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, ọjọ́ 10 péré ló sì fi ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé ní gbangba pé ìgbésókè fọ́ńṣọ̀n ìkéde wà kí ẹni tó ń kọ kóòdù lè gbé ọ̀rọ̀ gbòógì sókè, kó sì to àwọn fọ́ńṣọ̀n kéékèèké sí ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń sọ kókó ọ̀rọ̀ ká tó wá tú u palẹ̀. Ti `var`, àìròtẹ́lẹ̀ ló bá a wọlé. Ogún ọdún kọjá kí `let` àti `const` tó wọ inú èdè náà ní ọdún 2015, àwọn ló sì mú aṣọ ìbòrí náà wá. Èmi gbà pé ohun rere ni wọ́n ṣe, torí àṣìṣe tó pariwo sàn ju àga òfìfo tó dákẹ́ lọ. N óò fi ìdí rẹ̀ hàn láìpẹ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn yín. Ẹ lè ti máa rò pé òfin náà ni pé fọ́ńṣọ̀n àfisórúkọ gbọ́dọ̀ wà lókè gbogbo ibi tí orúkọ rẹ̀ bá ti hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí:

```
function fiOwoHan() {
  console.log(siroOwo(6));
}

const siroOwo = function (yaadi) {
  return yaadi * 2500;
};

fiOwoHan();
```

Lórí ìwé, ìlà kejì ń pe `siroOwo`, ìlà karùn-ún ni a sì tó fún `siroOwo` ní nǹkan. Síbẹ̀ 15000 jáde láìsí ariwo. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú fọ́ńṣọ̀n kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí a kọ ọ́, ìgbà tí a bá pè é ló ń ṣiṣẹ́. A kò pe `fiOwoHan` títí ìlà tó kẹ́yìn. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ti kọjá lórí `const`, aṣọ ti ká kúrò lórí àga, ẹni tó ni ín ti jókòó. Ẹ gbé ìlà tó kẹ́yìn yẹn lọ sókè `const`, ẹ ó rí àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn padà. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ yí.

Ìgbà tí ìpè wáyé ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ wà lórí ìwé. Ohun tó jẹ́ kí àléébù yìí máa fara pamọ́ nìyẹn. Ká ní ojú-ewé aṣọ yẹn kì í gbé iye owó yáàdì 6 jáde nígbà tó bá ń ṣí, ká ní ìgbà tí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì nìkan ló ń pe `siroOwo`, àtúnkọ àbúrò mi kì bá tí ba ohunkóhun jẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan yóò ti kọjá kí ọwọ́ oníbàárà tó dé orí bọ́tìnnì, gbogbo kóòdù yóò sì ti ṣiṣẹ́ tán. Nítorí náà ẹnì kan lè ṣe irú àtúnkọ kan náà nínú fáìlì mẹ́wàá kó lọ geere, kí ìkọkànlá wó lulẹ̀. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Nínú ìkọkànlá, ẹnì kan pè é kí àsìkò rẹ̀ tó tó.

Mo ṣèlérí pé n óò sọ nípa àga òfìfo tó dákẹ́. Nígbà tí mo ń tún kóòdù aṣọ yẹn ṣe, mo dá `siroOwo` padà sí fọ́ńṣọ̀n ìkéde, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ wá ní kí n yọ iye owó yáàdì sọ́tọ̀ kó lè rọrùn láti yí padà bí ọjà bá wọ́n. Mo yọ ọ́, mo sì fi `var` kọ ọ́, torí fáìlì náà ti pẹ́, `var` ló kún inú rẹ̀:

```
console.log(siroOwo(6));

var iye = 2500;

function siroOwo(yaadi) {
  return yaadi * iye;
}
```

Fọ́ńṣọ̀n náà ti wà níjòókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dáhùn ìpè. Ṣùgbọ́n iye owó tó fẹ́ fi ṣírò kò tíì dé orí àga tirẹ̀. Bí alásè tó ti dé ibi ayẹyẹ tí ẹni tó ru ẹran rẹ̀ ṣì wà lọ́nà ló rí. Ó sọ 6 di púpọ̀ pẹ̀lú `undefined`, èsì rẹ̀ sì ni `NaN`, ìyẹn ni pé ohun tó jáde kì í ṣe nọ́ńbà. JavaScript kò pariwo, kóòdù kò dúró, bọ́tìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà kan ló ya àwòrán ojú-ewé náà ránṣẹ́, tó ń béèrè èwo ló ń jẹ́ náírà NaN. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí èmi ni mo kọ ọ́, mo sì ti rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀. Ká ní `const` ni mo fi kọ `iye` ni, àṣìṣe ìbá ti pariwo sí mi lójú níbi tí mo ti ń dán an wò, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìgbésókè fọ́ńṣọ̀n ìkéde kò gbé àwọn nǹkan tí fọ́ńṣọ̀n náà nílò dání. Fọ́ńṣọ̀n nìkan ló ń tètè dé. Bí ẹ bá máa pè é láti òkè, ohun gbogbo tó fẹ́ lò gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ lókè ìpè náà.

Ewu mìíràn wà tó jẹ́ ti fọ́ńṣọ̀n ìkéde gan-an. Bí ẹ bá kéde fọ́ńṣọ̀n méjì pẹ̀lú orúkọ kan náà nínú fáìlì kan, ọ̀kan kò ní dúró ti èkejì. Àga kan ṣoṣo ló wà fún orúkọ yẹn, ẹni tó dé kẹ́yìn nígbà ìpèsè ló sì máa jókòó sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ìkéde ti ìlà 10 ń lo 2,500, tí ẹlòmíràn sì kéde `siroOwo` lẹ́ẹ̀kejì ní ìlà 300 pẹ̀lú 2,800. Ìpè tó wà ní ìlà 20 pàápàá, tí ojú ènìyàn rò pé ti ìlà 10 ló ń lò, 16800 ló máa mú wá, torí ìkéde kejì ti gba àga kí ìlà kankan tó ṣiṣẹ́. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi `const` kọ méjèèjì, JavaScript kò ní gbà kí kóòdù náà bẹ̀rẹ̀ rárá, yóò sọ pé `Identifier 'siroOwo' has already been declared`. Nínú fáìlì gígùn tí ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ wà nínú rẹ̀, ìdí yìí nìkan tó kí èmi yan `const`.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń dá àwọn tó ń pín kóòdù sí fáìlì púpọ̀ lágara. Ìpèsè àga kì í kọjá fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ojú-ewé yín bá gbé fáìlì méjì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ́ńjìnnì yóò pèsè ti àkọ́kọ́, yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, kó tó pèsè ti èkejì. Tí àkọ́kọ́ bá pe fọ́ńṣọ̀n tí a kéde nínú èkejì lójú ẹsẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni `siroOwo is not defined`. Níhìn-ín, kò tilẹ̀ sí àga tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Fọ́ńṣọ̀n ìkéde kò lè gbà yín nínú èyí, àfi kí ẹ yí ètò tí fáìlì fi ń wọlé padà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí àṣìṣe bá sọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà dáadáa. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12 nínú Chrome tàbí Firefox, kí ẹ ṣí ojú ibi tí wọ́n kọ `Console` sí. Bí ẹ bá rí `is not defined`, orúkọ náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣi í kọ, ó sì lè jẹ́ pé fáìlì rẹ̀ kò tíì wọlé. Bí ẹ bá rí `before initialization`, orúkọ náà wà níwájú, ìpè yín ló yá jù. Firefox máa ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n `before initialization` yẹn wà nínú tirẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ `is not a function`, ẹ lọ wò ó bóyá `var` ni wọ́n fi kọ ọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìpè.

Ní ti ojú-ewé aṣọ yẹn, èmi àti àbúrò mi jókòó ti kóòdù náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a sì tún un tò. A fi `const` kọ gbogbo iye owó, a kó wọn sókè pátápátá. A fi `const` kọ àwọn fọ́ńṣọ̀n pẹ̀lú, bí àbúrò mi ṣe fẹ́, a tò wọ́n sí àárín. Àwọn ìlà tó ń pe nǹkan, láti orí iye owó yáàdì 6 dé orí bọ́tìnnì, a kó gbogbo wọn lọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì. A kò yí ìṣirò kankan padà. Bí a ṣe tún ojú-ewé náà ṣí, 15000 ló kọ́kọ́ yọ.

Bí ẹ bá ní kóòdù tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àtúnkọ tí kò fọwọ́ kan ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí ohunkóhun mìíràn padà. Ẹ gbé ìlà ìpè lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá ná, kí ẹ tún un dán wò.